Ìwé Ìpè sí Ìpàdé Ọdọọdún: Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lu Fọ́ọ̀mù Aṣojú

Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, àpòòwé ńlá kan máa ń dé sí ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìròyìn ọdún ilé-iṣẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, ìwé dídán tó kún fún àwòrán àwọn olùdarí nínú aṣọ olówó ńlá. Kì í ṣe olówó nìkan ló ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ra ìpín wọn nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin ní ọdún 1972 àti 1977 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta lára ìpín wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Àwọn mìíràn rà á nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní ₦25 bílíọ̀nù kí ọdún 2005 tó parí, tí àwọn báńkì sì ń wá ẹni tí yóò ra ìpín kiri. Bí àpòòwé náà bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á wá ibi tí wọ́n kọ iye èrè sí, wọ́n á sì ju ìyókù sórí tábìlì.

Ojú-ìwé kan wà níbẹ̀ tí kò ní àwòrán rárá. Òun ni ìwé ìpè sí ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún. Ẹ̀yìn ìròyìn náà ni fọ́ọ̀mù aṣojú máa ń wà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní pírọ́sì, pẹ̀lú ìlà gégìgégì tí ẹ ó tẹ̀ lé fi gé e. Nínú gbogbo ìwé náà, ojú-ìwé méjì yìí nìkan ló béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín. Àwọn yòókù kàn ń ròyìn fún yín ni.

Òfin tó bí i ni Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Kámà, èyí tó rọ́pò ti ọdún 1990. Òfin náà sọ pé lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pe ìpàdé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ìpàdé ọdọọdún, àti pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gbọdọ̀ kọjá láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ilé-iṣẹ́ kékeré àti ilé-iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ni ín nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gba apá kan nínú òfin yìí kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀ o. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe ìpàdé ní oṣù kejìlá ọdún 2024, tí kò sì ṣe òmíràn títí di oṣù kejì ọdún 2026, oṣù mẹ́rìnlá péré ló wà láàárín. Síbẹ̀ ó ti rú òfin, nítorí ọdún 2025 lọ láìsí ìpàdé. Àjọ CAC tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lè fi oṣù mẹ́ta kún àkókò náà, ṣùgbọ́n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdásílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ tí kò pe ìpàdé rárá, onípìn-ín kan ṣoṣo, bó ti wù kí ìpín rẹ̀ kéré tó, lè kọ̀wé sí àjọ náà kí ó pe ìpàdé ọ̀hún, tàbí kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n pè é.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká sì bá a lọ dé òpin. Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní Gbàgí n'Ìbàdàn, ó sì ní ìpín 8,000 nínú ilé-iṣẹ́ kan tí oríkò rẹ̀ wà l'Ékòó. Ìwé ìpè sọ pé ìpàdé yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2026, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, nínú gbọ̀ngán kan ní Erékùṣù Èkó. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹni tó mọ ìwé yìí kà yóò ti máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn.

Òfin ní kí ìwé ìpè pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí a sì máa kà á láti ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ó pẹ́ jù lọ, ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni ìwé ìyá Gbàgí gbọ́dọ̀ kúrò l'Ékòó. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tó bá gbọ́n kì í dúró dé ọjọ́ náà gan-an, nítorí bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ kan péré lè ba gbogbo ìpàdé jẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dín àkókò yìí kù fún ìpàdé ọdọọdún, gbogbo onípìn-ín tó ní ẹ̀tọ́ láti wá kí ó sì dìbò ló gbọ́dọ̀ gbà, láìku ẹnì kan. Ó ṣeé ṣe fún ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́bí tó ní ènìyàn márùn-ún. Fún ilé-iṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún onípìn-ín, ẹ má tilẹ̀ rò ó.

Wọ́n lè fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, wọ́n lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé orúkọ onípìn-ín, wọ́n sì lè fi ímeèlì ránṣẹ́ bó bá ti fún wọn ní ímeèlì. Bó bá jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, òfin ka ìwé sí èyí tó ti dé lẹ́yìn ọjọ́ méje tí wọ́n jù ú sínú àpótí, ìbáà dé ibẹ̀ lóòótọ́, ìbáà sọnù sójú ọ̀nà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Ẹni tó kó kúrò ní Mọ́kọ́lá lọ sí Àkóbọ̀ tí kò sọ fún rẹ́jísírà, Mọ́kọ́lá ni wọ́n á máa kọ̀wé sí, kò sì lè sọ lẹ́yìn náà pé wọn kò pe òun. Bí ènìyàn méjì bá jùmọ̀ ní ìpín kan, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé ni wọ́n máa kọ̀wé sí. Ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà ní ìta gbangba tún gbọ́dọ̀ fi ìkéde náà sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ó kéré tán, ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú ìpàdé.

Bí wọ́n bá fo orúkọ ẹnì kan ńkọ́? Ìpàdé náà di òfo, àfi bó bá jẹ́ àṣìṣe ni wọ́n fi fò ó. Òfin sì ti mọ irú àwáwí tí wọ́n lè wá. Bí akọ̀wé bá ní òun rò pé àwọn onírúurú ìpín kan kò ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìpè, tó sì wá hàn pé wọ́n ní i, kò lè pe ìyẹn ní àṣìṣe lásán. Ẹni tó bá ṣi òfin túmọ̀ ló ni ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà. Ibi ìpàdé, ọjọ́ rẹ̀ àti aago gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí ìpàdé fẹ́ jíròrò náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, lọ́nà tó yé ènìyàn tó láti pinnu bóyá òun yóò wá tàbí òun kò ní wá. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ọgbà tó yí ìpàdé ká: ohun tí kò sí nínú ìwé ìpè, ìpàdé kò lágbára láti ṣèpinnu lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá dìde nígbà tí alága béèrè bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn wà, tó ní kí wọ́n yọ olùdarí kan lójú ẹsẹ̀, fi ń jókòó padà láìrí nǹkan ṣe. Ó lè sọ̀rọ̀, wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìpinnu kò lè jáde.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn ọ̀rọ̀ náà sí. Apá àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tó jẹ́ ti ọdọọdún: gbígbé ìṣirò owó ọdún kalẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn àwọn olùdarí àti ti ayẹ̀wéṣirò, kíkéde èrè orí ìpín, dídìbò yan olùdarí sípò àwọn tí àkókò wọn pé, ọ̀rọ̀ ayẹ̀wéṣirò àti owó iṣẹ́ rẹ̀, yíyan ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìṣirò, àti ohun tí òfin 2020 fi kún un, ìyẹn sísọ iye tí àwọn ọ̀gá tó ń tukọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà. Ohun yòówù tó bá yàtọ̀ sí wọ̀nyí, iṣẹ́ àkànṣe ni. Abẹ́ iṣẹ́ àkànṣe ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé náà, nítorí ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ bí yíyí orúkọ padà, títẹ ìpín tuntun jáde, tàbí fífi kún owó àwọn olùdarí sí. Bí ìpinnu kan bá jẹ́ èyí tí òfin pè ní ìpinnu àkànṣe, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ló gbọ́dọ̀ gbè é, ìwé ìpè sì gbọ́dọ̀ sọ bí ìpinnu náà ṣe rí gan-an. Ìpinnu lásán kò nílò ju kí ìbò tó gbè é pọ̀ ju èyí tó lòdì lọ.

Lórí èrè, ọ̀pọ̀ onípìn-ín ń fi ariwo ṣòfò. Ká ní àwọn olùdarí dábàá 50 kọ́bọ̀ lórí ìpín kan. Ti ìyá Gbàgí yóò jẹ́ ₦4,000, wọ́n á yọ ìdá mẹ́wàá fún owó orí, ₦3,600 ni yóò sì dé àkáǹtì rẹ̀. Bí gbogbo gbọ̀ngán bá figbe ta pé ó kéré, kò sí ohun tí wọ́n lè fi kún un. Òfin fún ìpàdé lágbára láti dín iye tí àwọn olùdarí dábàá kù, kò fún un lágbára láti bù sí i. Ibi tí agbára onípìn-ín wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ìlà tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti ń dìbò lórí àwọn olùdarí fúnra wọn. Kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá àkíyèsí pàtàkì kan wà pé ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn ti pé àádọ́rin ọdún. Ní ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ wà ní ìta gbangba, olùdarí tó bá ti pé ọjọ́ orí yẹn kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ìpàdé.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìṣirò ló ní ọjọ́ tó lè jọni lójú jù lọ. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n: onípìn-ín mẹ́ta, àti olùdarí méjì tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Wọn kì í gba owó oṣù. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ lè ka ìwé ìṣirò owó, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ oníṣirò. Onípìn-ín èyíkéyìí lè dábàá onípìn-ín mìíràn sínú rẹ̀, bó bá ti kọ̀wé sí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó kéré tán, ṣáájú ìpàdé. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni àbá gbọ́dọ̀ ti dé Èkó. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì dúró di ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún yìí kan náà kó tó fi ìwé ìpè ránṣẹ́, tó sì jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbà, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni òfin kà á sí pé ó dé Gbàgí. Àyè àtidábàá ti kọjá ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ìyá náà tó ka ìlà tó sọ pé àyè wà. Kò sí ẹni tó rú òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ náà, tàbí tó fẹ́ fi ẹlòmíràn sí i, kò gbọdọ̀ dúró de àpòòwé. Kó ti wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe ti ọdún tó kọjá, kó sì ti kọ̀wé tirẹ̀ ní oṣù bíi méjì ṣáájú.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù aṣojú. Òfin pa á láṣẹ pé ìwé ìpè ilé-iṣẹ́ tó ní owó ìpín gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta gbangba pé onípìn-ín tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá kí ó sì dìbò lè rán aṣojú, àti pé aṣojú náà kò ní láti jẹ́ onípìn-ín. Ìyá Gbàgí lè rán ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Ṣúúrùlérè, ó lè rán lọ́yà rẹ̀, ó lè rán aládùúgbò tó ń lọ s'Ékòó ní ọjọ́ náà. Aṣojú lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé bí ẹni tó rán an.

Bí ẹ bá ṣí fọ́ọ̀mù náà, ẹ máa rí i pé wọ́n ti tẹ orúkọ sí i, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ pé bí ẹ kò bá kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, alága ìpàdé ni yóò ṣojú yín. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn ìpinnu sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àpótí méjì níwájú ìkọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ẹni tó fara mọ́ ọn, èkejì fún ẹni tó lòdì. Ìlà kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ pé bí ẹ kò bá sàmì sí ibì kankan, aṣojú yóò dìbò bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Ẹ so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Ẹni tó buwọ́ lù ú, tó fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo, tó sì fi gbogbo àpótí sílẹ̀ lófìfo, ti fi ìpín 8,000 lé alága lọ́wọ́ láti fi ti ohun tí àwọn olùdarí bá fẹ́ lẹ́yìn, títí kan owó tí wọ́n máa san fún ara wọn. Kò lòdì sófin, alága sì lè jẹ́ ènìyàn rere. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹni tí kò ráyè kàwé náà má buwọ́ lù ú rárá.

Ìdí tí àmì inú àpótí fi ṣe pàtàkì ni bí wọ́n ṣe ń ka ìbò. Ọwọ́ nína ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, orí ènìyàn ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ìpín. Ṣùgbọ́n alága lè ní kí wọ́n ka ìpín. Onípìn-ín mẹ́ta, ìbáà jẹ́ àwọn fúnra wọn tàbí aṣojú wọn, lè béèrè bẹ́ẹ̀, ẹni tàbí àwọn tó ní ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ìbò náà sì lè béèrè. Nígbà tí wọ́n bá ka ìpín, ìpín kọ̀ọ̀kan di ìbò kan, ariwo inú gbọ̀ngán kò sì já mọ́ nǹkan mọ́. Fọ́ọ̀mù tó ti dé ọwọ́ akọ̀wé ṣáájú ló máa ń pinnu rẹ̀. Àwọn tó ń lọ nítorí ìrẹsì inú páálí àti fìlà alórúkọ ilé-iṣẹ́, mi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé ìbò lè ti parí kí ìrẹsì tó dé.

Fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ dé ibi tí ìwé ìpè dárúkọ, ọ́fíìsì rẹ́jísírà lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó ku wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Fún àpẹẹrẹ wa, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ni ilẹ̀kùn ti. Ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè ju wákàtí yìí lọ. Bí ìwé àgbékalẹ̀ rẹ̀ bá sọ pé ọjọ́ márùn-ún, ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwé ìpè tún máa ń sọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ìjọba lórí fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì máa ń kọ ọ́ pé àwọn ni yóò san owó rẹ̀. Ẹ wá ìlà náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ́fíìsì òǹtẹ̀ kiri. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ni ìpín, ìbuwọ́lù ẹnì kan lásán kò tó. Èdìdì rẹ̀ tàbí ìbuwọ́lù òṣìṣẹ́ tó láṣẹ ni wọ́n ń fẹ́.

Àṣà kan wà tó yẹ kí n mẹ́nu bà. Bàbá ti kú láti ọdún mélòó kan, àpòòwé sì ń wá lórúkọ rẹ̀. Àkọ́bí á mú fọ́ọ̀mù, á buwọ́ lù ú bí bàbá ṣe máa ń buwọ́ lu ìwé. Fífi ọwọ́ òkú buwọ́ lùwé ni, rẹ́jísírà sì ní ìbuwọ́lù bàbá ní fáìlì. Òfin kò gbàgbé irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ogún ìpín náà bọ́ sí lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí aṣojú òkú wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ní ìwé ìpè. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ lórí ohun ìní olóògbé ni wọ́n á mú lọ sọ́dọ̀ rẹ́jísírà, láti ìgbà náà lọ ni ìwé á máa wá lórúkọ tó yẹ.

Ọdún 2020 fi hàn bí fọ́ọ̀mù yìí ṣe lè ru gbogbo ìpàdé. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, àjọ CAC gbé ìlànà jáde ní oṣù kẹta ọdún náà pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín wọn wà ní ìta gbangba lè ṣe ìpàdé pẹ̀lú aṣojú. Àwọn onípìn-ín jókòó sílé, wọ́n mú orúkọ nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ tò sílẹ̀, àwọn díẹ̀ sì jókòó nínú gbọ̀ngán ní orúkọ àwọn yòókù. Ó ṣeé ṣe nítorí pé òfin ka aṣojú mọ́ àwọn tó wá. Àfi bí ìwé àgbékalẹ̀ ilé-iṣẹ́ bá sọ nǹkan mìíràn, ìpàdé lè bẹ̀rẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn onípìn-ín bá wà níbẹ̀, tàbí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tó bá kéré jù, yálà àwọn fúnra wọn tàbí aṣojú wọn.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ìyá Gbàgí ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tán, kó wá yí ọkàn padà. Kó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé òun ti gba àṣẹ náà padà, kó sì rí i pé ìwé náà dé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá Ọjọ́bọ̀. Kò tó kó pe aṣojú lórí fóònù. Bí ìwé ìfagilé kò bá tíì dé nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ìbò tí aṣojú bá di dúró. Bákan náà ló rí bí ẹni tó rán an bá kú láàárín ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì kọ̀wé sọ fún ilé-iṣẹ́.